Owó oṣù ọdún kan, ó tán ní ọ̀sẹ̀ 15

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń ka ìlà méjì nínú rẹ̀ tó sì kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ tó kọjá lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, arábìnrin kan nínú ìjọ wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Ó ní, "Dádì, ẹ kú alẹ́ sà. Bí ilé ìwé bá ti parí sáà kẹta lóṣù yìí, mo fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ aṣọ rírán. Mo ti tọ́jú owó oṣù mẹ́fà pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ gbàdúrà sí lẹ́tà náà lọ́jọ́ Àìkú."

Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í ṣe pé inú ń bí mi. Mo ti gbàdúrà sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ibi tó já sí.

Arákùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbà kí n sọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Akọ̀wé owó ni ní iléeṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn níbí, ₦250,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Adìẹ ẹlẹ́yin ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti sìn. Ó fi ọdún mẹ́rin kó owó jọ, ó fi ₦3,000,000 lé ilẹ̀. Ó wọlé wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Dádì, odindi owó oṣù ọdún kan rèé!" Inú mi dùn. Mo gbé ọwọ́ lé lẹ́tà náà, mo gbàdúrà, mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀.

Nítorí owó ọdún kan yẹn, ọ̀sẹ̀ 15 ló lò.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí ìwé rẹ̀, ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Owó ọjà ń yí lójoojúmọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ lè fi iye ti ọ̀dọ̀ yín rọ́pò, ìṣirò náà kò ní yí. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan 300, ẹyọ kan ₦1,000, ìyẹn ₦300,000. Àgọ́ tó tún ṣe, kéèjì, ife omi, abẹ́rẹ́ àjẹsára Gumboro àti ti Niukásù, gbogbo rẹ̀ gba ₦700,000. Ó ku mílíọ̀nù méjì. Lójú rẹ̀, owó ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nínú adìẹ ẹlẹ́yin ni pé wọn kì í jẹun púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àpò fíìdì kan tó jẹ́ kílò 25 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 òròmọdìẹ jẹ fún ọ̀sẹ̀ náà. Ọkàn rẹ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dàgbà ni ẹnu wọn ń gbòòrò, tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ 15, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ àpò kan lójúmọ́. Tí a bá ro ti gbogbo ọ̀sẹ̀ 15 yẹn pọ̀, tòun ti èyí tí wọ́n ń tú dànù, ó tó àpò 66. Ẹ sọ àpò kan di ₦18,000, ó lé ní ₦1,180,000. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹyin kan ṣoṣo kò tíì jáde, nítorí adìẹ ẹlẹ́yin kì í yé títí wọn á fi pé bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20.

Nínú ilé ńkọ́? Oúnjẹ, ọkọ̀, iná, gáàsì, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ₦220,000 lóṣù. Oṣù mẹ́ta àbọ̀ jẹ́ ₦770,000. Oṣù September wọlé, ilé ìwé gba ₦150,000. Ẹ ro ti ilé mọ́ ti fíìdì, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọ̀sẹ̀ 15 nìyẹn. Owó tán, adìẹ ń ké, onílé sì ti ránṣẹ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ni owó ilé ọdún pé, ₦480,000.

Ó ta àwọn adìẹ náà fún ọkùnrin kan láti Lálúpọn. Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn ti ń ṣa ẹyin. Adìẹ wa yìí kò kú o, àrùn kò kọ lù wọ́n, kò sí olè tó wọlé. Arákùnrin náà mọ iṣẹ́ adìẹ dáadáa. Oṣù mélòó kan péré ló kù fún un.

Ibi àkọ́kọ́ tí ó ti ṣìnà ni pé ó fi owó oṣù ka owó. Owó oṣù kò sọ fún wa iye tí ilé ń ná, iye tó ń wọlé ló ń sọ. Ilé tirẹ̀ ń ná ₦220,000 lóṣù lójú, ṣùgbọ́n kò ka owó tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún mọ́ ọn. Owó ilé ₦480,000, ẹ pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ ₦40,000. Ilé ìwé ₦150,000 lẹ́ẹ̀mẹta, ₦450,000, ẹ pín in, ó jẹ́ ₦37,500. Iye tí ilé rẹ̀ ń ná gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦300,000 lóṣù, ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ! Bónọ́ọ̀sì oṣù December àti owó àjọ ló máa ń fi dí àlàfo náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, bónọ́ọ̀sì kò sí mọ́.

Ibi kejì, òun sì ni mo rò pé ó burú jù, ni pé àpò kan ṣoṣo ló ní. Ilé àti adìẹ jọ ń jẹ nínú àwo kan. Tí ọmọ bá ń sunkún tí adìẹ náà ń ké, ta ni bàbá máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ní àpò ilé, kó ní àpò òwò, kí wọ́n má sì wà nínú àkáǹtì kan náà. Iye oṣù tí o lè gbé láìgba owó oṣù, inú àpò ilé nìkan la ti ń kà á. Owó fíìdì kì í ṣe oṣù, owó maṣíìnì kì í ṣe oṣù.

Ó wá ku ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mi: oṣù mélòó ló tó? Àwọn kan ń wàásù oṣù mẹ́ta, àwọn kan mẹ́fà, bí ẹni pé gbogbo òwò ní oṣù kan náà nínú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òwò náà ni kí ẹ bi. Ọjọ́ wo ni náírà tí mo ná lónìí máa padà bọ̀ tòun ti èrè, tí mo sì lè mú nínú rẹ̀ lọ sílé láìpa òwò lára? Láti ọjọ́ tí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ dé ọjọ́ yẹn, iye oṣù rẹ nìyẹn. Fi oṣù mẹ́ta lé e, nítorí ọjọ́ yẹn kì í dé lásìkò tí a dá fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ti adìẹ yìí wò ó. Ẹyin àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ 20, ariwo sọ, a sè é jẹ. Ṣé owó ti dé nìyẹn? Rárá o. Adìẹ 300 tó ti ń yé máa ń jẹ bí àpò 41 lóṣù, ìyẹn nǹkan bíi ₦740,000. Tí ìdajì wọn bá ń yé, ẹyin 150 lóòjọ́ jẹ́ kíréètì 5. Ká ní kíréètì jẹ́ ₦5,000, ₦750,000 lóṣù nìyẹn. Ẹ rí i báyìí? Nígbà tí ìdajì bá ń yé, ẹyin ń bọ́ adìẹ nìkan ni, kò tíì bọ́ ọ̀gá adìẹ. Ìgbà tí 240 bá ń yé lóòjọ́, kíréètì 8, ni ₦1,200,000 máa wọlé, tí nǹkan bíi ₦300,000 á ṣẹ́ kù lẹ́yìn fíìdì, oògùn, omi àti ọmọ iṣẹ́. Ìyẹn sì lè gbà tó oṣù mẹ́fà àbọ̀ sí méje láti ọjọ́ tí òròmọdìẹ wọlé. Àwọn tó ń ta ẹyin lọ́jà Bódìjà á tún gbà á láwìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oṣù méje, àti mẹ́ta lórí rẹ̀, oṣù 10. Ní ₦300,000 lóṣù, àpò ilé rẹ̀ yẹ kó ní ₦3,000,000 nínú, láìka kọ́bọ̀ kan tó jẹ́ ti adìẹ. Àpò òwò sì nílò tó mílíọ̀nù mẹ́ta tirẹ̀ títí ẹyin á fi lè bọ́ adìẹ. Mílíọ̀nù mẹ́fà. Ó lọ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà! Ìgbà wo la fẹ́ kó o jọ?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí òròmọdìẹ wọlé nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ká ní arákùnrin wa ra 100 péré, kí ìyàwó tàbí àbúrò máa bójú tó wọn, kó sì dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí wọ́n á fi máa yé dáadáa, ọ̀pọ̀ oṣù tó ń gba owó ilé yẹn ì bá ti kọjá lórí owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí òwò rẹ̀ ti ń san ìdajì owó ilé fún oṣù mẹ́fà léraléra, ìdajì yòókù nìkan ló ní láti fi owó dí. Kì í ṣe ìjáfara o.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mẹ́nu ba owó méjì tí àwọn èèyàn ń kà mọ́ àpò ilé, tí kò sì sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni péńṣọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí òfin péńṣọ̀n ọdún 2014, tí o kò bá tíì pé ọmọ 50 ọdún tí o sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, o ní láti lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ mìíràn kó o tó lè béèrè, ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ ni wọn ò sì ní kọjá. Tó bá dé, ẹ dúpẹ́. Ẹ má kà á ṣáájú. Èkejì ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́. Owó tí o dá síbẹ̀, tí o bá jẹ wọ́n ní gbèsè, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó fún ọ ní ìyókù. Tí kò bá tó, àwọn oníduró rẹ ni wọ́n máa dì mú, oníduró rẹ náà sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo ti parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ san gbèsè yẹn tán kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà, tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ló ń san owó ìlera yín, ẹ ti mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ bá kúrò, àpò yín ni ibà àwọn ọmọ á máa wò.

Arábìnrin aránṣọ wa wá lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ọkọ rẹ̀. Mi ò béèrè lẹ́tà, ìwé oníbàárà rẹ̀ ni mo ní kó mú wá. Mo yìn ín nítorí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀pọ̀ yín kì í kọ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦110,000, mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ ₦660,000. Ní ọdún kan tó kọjá, lẹ́yìn òwú, sípù, bẹntiróò àti ọmọ iṣẹ́, aṣọ mú ₦804,000 wá. Ó ní, "Dádì, ₦67,000 lóṣù nìyẹn, tí mo bá wá fi gbogbo ọjọ́ rán ńkọ́?" Mo ní kó yọ oṣù December sọ́tọ̀. Oṣù yẹn nìkan mú ₦210,000. Ó wá ku ₦54,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan yòókù.

Mo tún ní kó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo oníbàárà tó jẹ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí òbí ọmọ ilé ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó dákẹ́. Ó lé ní ìdajì. Àwọn tó ń gbé ànkárá wá bá a ní yàrá olùkọ́, tí wọ́n ń san owó lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Tó bá kúrò níbẹ̀, mélòó ló máa wọ ọkọ̀ wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Apẹtẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, ẹ dán èyí wò nínú ìwé tiyín. Òwò míì wà tó jẹ́ pé inú iṣẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ọjọ́ tí o bá fa iṣẹ́ tu ni òun náà rọ.

A wá fi ₦27,000 ṣe ohun tó dájú lóṣù. Ìpín tirẹ̀ nínú ìnáwó ilé jẹ́ ₦150,000, ọkọ rẹ̀ ló ń san owó ilé. Àlàfo jẹ́ ₦123,000. Owó oṣù mẹ́fà rẹ̀ á dí i fún oṣù márùn-ún àti díẹ̀, tí kò bá ná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó yìí náà ló fẹ́ ti mú ₦380,000 ra maṣíìnì ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ etí aṣọ. Ohun tó máa ṣẹ́ kù kò pé oṣù mẹ́ta. Láti ìparí July, oṣù mẹ́ta kò tíì dé November, December tó ń wò kò ní bá a lórí ìdúró.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gba ₦20,000 tó ń dá sí owó ilé ìwé àwọn ọmọ lóṣù. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́. Mo ti rí èyí tó ní "ìwọ lo fẹ́ ṣe ọ̀gá ara rẹ, máa ṣe é lọ".) Àlàfo wá di ₦103,000. A ka oṣù mẹ́jọ fún un, láti August dé March, nítorí January dé March ni àwọn aránṣọ máa ń jókòó tí wọ́n ń lé eṣinṣin. Ó jẹ́ ₦824,000. Kó ra maṣíìnì náà báyìí, nígbà tí owó oṣù ṣì wà, kó fi máa rán aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. ₦280,000 tó kù ni kó fi bẹ̀rẹ̀ àpò ilé. Ó ku ₦544,000. Pẹ̀lú ohun tó lè máa fi pamọ́, bíi ₦47,000 lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ọdún kan.

"Dádì, ọdún kan!" Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ kò rọrùn, mo mọ̀. Mo sọ fún un pé tí àwọn oníbàárà tí kì í ṣe ti ilé ìwé bá di ìlọ́po méjì kí ọdún tó pé, kó padà wá, a ó tún ìṣirò náà ṣe, ọjọ́ náà lè súnmọ́ tòsí.

A tún kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn ìwé náà, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí àpò ilé bá wá sọ̀kalẹ̀ dé ₦309,000, ìyẹn oṣù mẹ́ta, tí aṣọ kò sì tíì san ìdajì ìpín rẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ìdajì ọjọ́. Kì í ṣe ìgbà tí owó bá tán. Iṣẹ́ wíwá fúnra rẹ̀ ń gba oṣù, ẹni tí ebi ń pa sì máa ń gba iye tí wọ́n bá sọ. Arákùnrin wa tí ó sin adìẹ kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó ń retí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dára títí kò fi sí owó ọkọ̀ tó máa gbé lọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ohun kan kù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pásítọ̀ lè torí rẹ̀ bínú sí mi. Àpò òwò kì í ṣe èrè. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé owó fíìdì tàbí owó maṣíìnì wá sórí pẹpẹ bí irúgbìn kí òwò lè gbèrú, ní ìjọ tèmi, ẹ gbé e padà sílé. Tí èrè bá wọlé, ẹ mọ ohun tó yẹ.

Ó ti padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti tún ọdún kan ṣe. Arákùnrin wa náà ti ríṣẹ́ akọ̀wé owó níbòmíràn, ₦230,000, ó sì ní adìẹ 80 lẹ́yìnkùlé báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó wọn, ọ̀sẹ̀ 17 ni wọ́n wà.

Ẹ̀yin tí lẹ́tà wà nínú àpò yín, Ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣáájú ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo wà ní ọ́fíìsì. Ẹ mú ìwé òwò oṣù 12 wá, ẹ mú ìwé gbèsè alájẹṣẹ́kù, ẹ sì mú ọkọ tàbí ìyàwó yín dání. Lẹ́tà náà lè dúró sílé ná.